Ta Ló Sun Ọmọ Mi?

Tíṣà máa ń pe rẹ́jísítà lọ geere, àfi tó bá kan Gbọ́láhàn. Níbẹ̀ ni yóò ti dúró, tí yóò ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

"Gó... Góbóláánì?"

"Mo wà ńbí, Mííìsì."

Ní Pẹ́kámù ni ilé-ìwé náà wà, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èèyàn ti ń ra èlùbọ́ àti ata rodo láì wọ bọ́ọ̀sì. Yorùbá pọ̀ ládùúgbò bí nǹkan míì, àmọ́ Gbọ́láhàn nìkan ni ọmọ wa ní kíláàsì yẹn. Góbóláánì di Gíbólà, Gíbólà di Bólánì. Nígbà tó yá, ó sú tíṣà, ló bá gé e kúrú: "Bólì."

Ọmọ náà ròyìn nílé. Ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀lì kẹ̀? Ta ló sun ọmọ mi lórí iná?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sí sùkúù o."

Kò wá. Ayíṣà ló dá a sílẹ̀, ọmọ Sòmálíà tí wọ́n jọ ń jókòó, tó máa ń gbọ́ bí ìyá Gbọ́láhàn ṣe ń ké pè é lẹ́nu géètì.

"Mííìsì, kì í ṣe bí màmá ẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn."

Tíṣà sọ bíírò kalẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

Gbogbo ojú yí sí Gbọ́láhàn. Ó dìde, ó ń fa etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ pa ètè dé bíi pé ẹ fẹ́ sọ 'bí'. Ẹ má tíì sọ ọ́ o. Ẹ di 'gí' mú lọ́nà ọ̀fun. Ó yá, ẹ jù wọ́n sílẹ̀ pọ̀!"

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù bí ìkòkò àmàlà. Itọ́ ta sára ìwé. Gbọ́láhàn lọ sídìí dùúrù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ orin, ó tẹ̀ ẹ́: mí, mí, dò.

"Gbọ́-lá-hàn!" ni wọ́n dáhùn.

"Gíbọ́láhàn," ni tíṣà wí.

"Rárá o, Mííìsì!"

Ojú rẹ̀ pọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un pè. Wọ́n tún kọ̀ ọ́ fún un. Títí agogo ìjáde fi lù, wọn ò gbà fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé rẹ́jísítà. Kíláàsì pa lọ́lọ́.

"Gbọ́láhàn."

"Ìparí ohùn ẹ̀ ṣì ga díẹ̀," Ayíṣà sọ wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ Gbọ́láhàn ti jẹ́ "Mo wà ńbí!" tó fi dé kọ́rídọ̀.

"Kírísì."

Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ọmọ Pólàǹdì tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rọra na ọwọ́ sókè.

"Mííìsì, Kíṣíṣítọ́ọ̀fù ni."

Ayíṣà ti yí àga rẹ̀ padà.

"Tún un pè," ló wí, "díẹ̀díẹ̀."