Ọ̀rọ̀ méjì fún abẹ́ fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ: èyí tí mo fara mọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdúró nídìí aró. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ fọ́tò náà lọ́nà méjì, bá a ṣe sọ ọ́. Ọjà kan náà ni, owó kan náà ni, fọ́tò kan náà ni. Ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ nìyí. Ó jọ bá a ṣe máa ń kọ ọ́ látẹ̀yìn wá:

“Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì! Ọjà tuntun ti dé! Àdìrẹ tó rẹwà, tó pójú owó, tó sì yẹ òde gbogbo. Ẹ̀dínwó gọbọi wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Ẹ tètè ra tiyín kó tó tán! Ẹ kọ̀wé sí wa fún iye owó.”

Ìkejì rèé:

“Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì márùn-ún, ₦28,000. ₦32,000 là ń tà á tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sanwó kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, àwa la máa san wéébíìlì dé Èkó tàbí Ìbàdàn. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ya ọnà ara rẹ̀, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ẹyọ 23 ló wà nílẹ̀. Ẹ kọ ‘Ẹlẹ́kọ’ ránṣẹ́ sí wa, ká fi gbogbo ọnà tó kù hàn yín.”

Ìkejì ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé kò ní kọ́kọ́ dùn mọ́ yín nínú, nítorí owó tó hàn gbangba yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Lórí Instagram, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń hàn lábẹ́ fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù, àfi kó tẹ more. Ẹ wo ohun tó máa hàn nínú tàkọ́kọ́: ìkíni, àti pé ọjà tuntun dé. Ọjà wo? Ẹni tó ń fi àtàńpàkò yí fóònù lọ sókè nínú ọkọ̀ èrò ní Bẹ́gà ò ní dúró béèrè. Nínú ìkejì, kó tó tẹ ohunkóhun, ó ti mọ orúkọ aṣọ, ó mọ̀ pé ó tó rán, ó sì mọ̀ bóyá owó rẹ̀ ká a.

Ká wá sórí owó, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ti sọ fún mi pé tá a bá kọ iye síta, àwọn tá a jọ wà ní ìsọ̀ kan náà máa rí i, wọ́n á sì fi ₦500 dín owó tiwọn sí tiwa. Òótọ́ ni. Ẹ sì sọ pé oníbàárà ò ní lè nájà mọ́. Ìyẹn náà ní ìwúwo, nítorí ẹni tó nájà títí tí wọ́n fi gé nǹkan fún un máa ń bá inú dídùn lọ sílé. Àmọ́ ẹ ro ti ẹni tí kò rí ojú yín rí. Tó bá rí “ẹ kọ̀wé sí wa fún iye owó”, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ fẹ́ wo fọ́tò òun lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ fi mọ bí òun ṣe tó, kẹ́ ẹ tó dá iye lé e. Ó lè máà béèrè rárá. Ẹni tó bá sì béèrè, “Èló ni jálẹ̀?” ló máa fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì gbọ́ iye kankan. ₦32,000 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦28,000 ti bá wa nájà náà parí: ẹ ti gé ₦4,000 kó tó lanu. “Ẹ̀dínwó gọbọi” ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá kà á ò mọ ohun tí ẹ gé àti ibi tí ẹ ti gé e.

“Tó rẹwà, tó pójú owó” kò gbé nǹkan kan wá. Gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Ìtòkú ló ń sọ ọ́, títí kan àwọn tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ohun tí wọn ò lè sọ ni ti ìyẹ́ adìyẹ. Mo rí yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ẹ ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí ẹ ń fa ìlà kan ní ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹ̀ ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Aró ṣì wà ní èékánná yín nígbà tí ẹ gba tíì lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú tó tó ogójì lẹ fi wà lórí igun aṣọ kan ṣoṣo. Ìyẹn ló ń sọ ìdí tí aṣọ fi tó ₦28,000 fún ẹni tó ti rí “àdìrẹ” ní ₦6,000 níbòmíì, kì í sì í ṣe ìpolongo, òtítọ́ ọwọ́ yín ni. Tó bá jẹ́ “àdìrẹ” nìkan la kọ, á rò pé tiwa wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti “kó tó tán”, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ sú. Ẹyọ 23 ṣeé kà, a sì lè máa dín in kù bí a bá ti ń tà.

Ìkejì ní àbùkù tiẹ̀. Ó gbẹ díẹ̀, kò kí èèyàn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí a ò bá kí, a ò lè tajà fún un. Èmi á fi ìkíni sí ìparí, kó má bàa gba àyè owó níwájú. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ pé “aró rẹ̀ kì í ṣí”, mo sì pa á rẹ́. Ẹ rántí oníbàárà wa tó fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ bùbá funfun lọ́dún tó kọjá. Aró ẹlú máa ń yọ nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́: “Ẹ dá a fọ̀ lákọ̀ọ́kọ́.” Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé aró gidi ni.

Ohun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí: ọnà Ìbàdàndùn ló wà lára aṣọ inú fọ́tò, èyí tó ní òpó Mápó. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀: “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọnà Ìbàdàndùn, yáàdì márùn-ún, ₦28,000.” Ọmọ Ìbàdàn tó bá rí i á dúró.

Kí ó má bàa jẹ́ èrò mi nìkan, ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí WhatsApp. Oníbàárà 312 ló wà nínú fóònù yín. Àkójọ ìfiránṣẹ́ kan kì í gbà ju èèyàn 256 lọ, nítorí náà a máa pín in sí méjì bó ti wù kó rí: 156 gba tàkọ́kọ́, 156 gba ìkejì. Bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra la máa fi pín in, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí àwọn oníbàárà àtijọ́ má bàa kóra jọ sápá kan. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló máa rí i gbà. Aago mẹ́jọ alẹ́ Wẹ́sídeè la máa fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.

Mo rò pé ìbéèrè “Èló ni?” máa pọ̀ lórí tàkọ́kọ́, inú yín á sì dùn bí fóònù bá ń dún. Ẹ má fi ìyẹn ṣèdájọ́. Àwọn tó sanwó la máa kà títí di alẹ́ Sátidé. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún lórí ọ̀kan àti mẹ́fà lórí èkejì, ọgbọọgba ni, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta lórí ọ̀kan àti mẹ́sàn-án lórí èkejì, a ti rí ọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ bá mi ka ẹyọ tó kù lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ òní, kí iye tí mo máa kọ má bàa yẹ̀.