Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Àkọ́kọ́: Ìyọkúrò Tó Gba Ìdì Títú, Kíláàsì Kẹta

Iléṣà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:40 sí 8:50 àárọ̀. Ìṣirò. Ọmọ 38.

Àǹtí kíláàsì kejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti dúró fún mi. Iṣẹ́ gan-an tí àwọn ọmọ máa ṣe lọ́jọ́ náà ni ìyọkúrò tó wọ ọgọ́rùn-ún, irú 425 − 163. Ó wà nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ mi, ẹ ò ní wá a tì. Èyí tí mo kọ síbí ni kí ẹ fi ṣí wọn lójú kí ẹ tó débẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ lè kà á jáde bó bá wù yín.

Nínú páálí abẹ́ tábìlì mi, ẹ máa rí ìdì igi ìgbálẹ̀ mẹ́fà tí mo fi rọ́bà dè, mẹ́wàá nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ mélòó kan tí kò sí nínú ìdì. Ẹ ka ìdì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ mẹ́sàn-án, ọmọ kan ló sì kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi. Sílétì wà lórí fèrèsé, ṣọ́ọ̀kì wà nínú agolo mílíìkì.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ mọ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé: ta ló ń tú ìdì, ta ló sì ń fi nọ́ńbà kékeré yọ kúrò nínú ńlá láìwo èyí tó wà lókè.

Ìṣẹ́jú kìíní àti ìkejì: jókòó, dúró

Kí gbogbo wọn dìde. “Mo máa pe orúkọ nọ́ńbà. Bí ẹ bá gbọ́ ‘dín’ nínú rẹ̀, ẹ jókòó. Bí ẹ bá gbọ́ ‘lé’, ẹ dúró.”

Méjìlélógún. Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́tàlélógójì. Mẹ́rìndínlógójì. Ẹ yára pè é. Bí wọ́n bá ti jókòó sí mẹ́rìndínlógójì, ẹ bi ẹnì kan: “Kí la yọ kúrò nínú kí ni?” Ó máa ní mẹ́rin kúrò nínú ogójì. Ẹ wá fi ẹ́ẹ̀ẹ́dógún kádìí rẹ̀. Àwọn kan á jókòó, àwọn kan á dúró, wọ́n á sì máa wo ara wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ogún tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni, pé ‘dín’ ti sá pamọ́ sínú orúkọ náà ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọjá.

Mo fi eré yìí ṣáájú nítorí pé orúkọ tí a ń pè máa ń da ojú ohun tí a kọ rú. Ẹ kọ 27 sójú pátákó. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ ń gbọ́: ẹẹ́ta àti ọgbọ̀n ló wọ etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eéjì àti eéje ló wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà méjì ni kí ẹ kà á: “Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìdì méjì, ẹyọ méje.”

Yorùbá ni kí ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lójú fèrèsé tó ní kí ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rán an létí pé Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tìṣirò tìṣirò.

Ìṣẹ́jú kẹta sí ìkẹfà: ìdì rèé, ẹ tú u

Ibí lọkàn iṣẹ́ wà. Bí àkókò bá fẹ́ fún yín, ibòmíràn ni kí ẹ ti gé e.

Ẹ kọ 52 − 27 sójú pátákó, èyí òkè àti èyí ìsàlẹ̀, kí ẹyọ wà lábẹ́ ẹyọ. Ẹ to ìdì márùn-ún sórí tábìlì, kí ẹ fi ẹyọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mélòó?”

“Méjìléláàádọ́ta!”

“Kíláàsì kejì ń tọrọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ wa. Ìdì méjì, ẹyọ méje. Ta ló máa kà á fún wọn?”

Kí ọmọ kan jáde wá. “Ẹyọ ni kí o kọ́kọ́ fún mi. Méje.” Ó máa na ọwọ́ sí igi méjì yẹn, ó sì máa dúró. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ikùn yín kí ẹ tó lanu. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bí i pé kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbà á.

Ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan láti ẹ̀yìn máa pariwo pé, “Márùn-ún!” Wọ́n ti yí i padà nìyẹn, wọ́n ti yọ méjì kúrò nínú méje. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ gbé igi méjì náà sókè.

“Méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè mú méje jáde nínú méjì?”

“Rárá o!”

“Ṣé igi ti tán lọ́wọ́ wa ni?”

“Kò tíì tán!”

“Níbo ló kù sí?”

“Nínú ìdì!”

Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ni kó tú rọ́bà, ẹ má bá a tú u. Àwọn tó ń sùn lẹ́yìn máa ń jí bí wọ́n bá rí i tí igi mẹ́wàá tú ká sórí tábìlì. “Ìdì mélòó ló kù?” Mẹ́rin. “Ẹyọ mélòó la wá ní?” Kí gbogbo kíláàsì kà á pọ̀ títí dé méjìlá.

Ìbéèrè tí ẹ kò gbọdọ̀ fò nìyí: “Ṣé igi kankan sọnù? Ṣé ẹnikẹ́ni bá wa fi kún un?” Àwọn kan máa ní ó ti pọ̀ sí i, nítorí ojú wọn rí igi rẹpẹtẹ. Kí wọ́n kà á: ìdì mẹ́rin, ogójì, ẹyọ méjìlá. Méjìléláàádọ́ta náà ṣì ni. Ọmọ tí kò bá gba èyí gbọ́, bó bá tilẹ̀ rí ìdáhùn, ó kàn ń há a sórí ni.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fagi lé aárùn-ún, ẹ kọ 4 sókè rẹ̀. Ẹ sọ eéjì di 12. Ọmọ náà ka ẹyọ méje sílẹ̀, ó ku márùn-ún. Ó mú ìdì méjì, ó ku méjì. Ẹ kọ 25. Kó wá kó ti kíláàsì kejì padà sórí tábìlì: 25 àti 27, ó pé 52.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní “yá ọ̀kan”. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Ní táámù tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Àǹtí, ìgbà wo ni eéjì máa wá dá a padà fún aárùn-ún?” Ẹnu mi wọhò. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣá ni, ọmọ òṣómàáló! Àwọn bàbá àgbà wọn ló ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi pé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé èèyàn yá nǹkan, kò sì san án, kò sẹ́ni tó béèrè? Òun ló tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ìdì la tú. Láti ọjọ́ yẹn, “tú ìdì” ni mo ń sọ. Bí ọmọ kan bá sọ “yá” nítorí pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé, ẹ má bá a jà, ẹ kàn fi “tú ìdì” dá a lóhùn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi owó ṣe é. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ò mọ náírà kan sówó, wọn ò rí i rí, náírà mẹ́wàá gan-an ti ń ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà Atákúnmọ́sà. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n mọ̀ dunjú.

Ìṣẹ́jú keje sí ìkẹsàn-án: sílétì

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kọ ọ́, kì í ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan. “Ẹ ṣe é. Ẹ dojú sílétì dé àyà. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ gbé e sókè!” Ẹ má pe ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà. Ẹ wulẹ̀ wo nọ́ńbà, nítorí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀.

61 − 34. Ìdáhùn ni 27. Ẹni tó kọ 33 ló yí i padà, ó yọ ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́rin. Ẹni tó kọ 37 tú ìdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé ìdì márùn-ún ló kù sílé. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn: ẹni àkọ́kọ́ nílò igi ìgbálẹ̀, èkejì kò nílò rẹ̀, kó ṣáà fagi lé ẹẹ́fà kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

70 − 26. Ìdáhùn ni 44. Òdo yìí máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ máa rí 56, ẹni tó yí i padà. Ẹ máa rí 50, ìyẹn ẹni tó ní “òdo yọ mẹ́fà, kò sí nǹkan kan” tó sì kọ òdo sílẹ̀. Ẹ bi í pé: “Ẹyọ mélòó lo ní?” “Kò sí.” “Mélòó ni wọ́n ń tọrọ?” “Mẹ́fà.” “Kí lo máa ṣe?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa sọ ọ́ fúnra wọn.

86 − 52. Ìdáhùn ni 34, kò sì sí ìdì kankan láti tú. Mo dìídì fi síbẹ̀ ni. Àwọn tó ti há a sórí pé “títú ṣáá ni” máa tú ìdì tí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, wọ́n á sì kọ 214 tàbí 24. Kí ẹ ní: “Mẹ́fà ló wà nílẹ̀, méjì ni wọ́n fẹ́. Ṣé ó tó?” Ó tó. Kí wọ́n máa bi ara wọn bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ tó kan rọ́bà.

Ẹ fojú sí àwọn méjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n jọ máa ń kọ ìdáhùn kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń ṣiṣẹ́.

Ìṣẹ́jú kẹwàá: kí ló ṣe?

Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: 71 − 38 = 47. “Ẹnì kan ló ṣe èyí. Ẹ má sọ fún mi pé kò gbà á. Ẹ sọ ohun tó ṣe fún mi.” Kí wọ́n bá ẹnìkejì wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ pé “ó yọ ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́jọ” ti kúrò nínú àwọn tó ń dà mí láàmú. Kí òun náà jáde wá tún un ṣe: 33.

Bó bá ti kọ ọ́ tán, ẹ bi wọ́n pé: “Bí ẹyọ kò bá tó, ìdì la ń tú. Bó bá wá jẹ́ ìdì gan-an ni kò tó ńkọ́?” Ẹ má gba ìdáhùn kankan. Ẹ kọ 425 − 163, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé.

Kó tó di pé ọmọ tó tú ìdì lọ jókòó, ẹ fún un ní rọ́bà, kó di igi rẹ̀ padà, kó sì kà á sí etí yín bó ṣe ń dì í. Mẹ́wàá ni kó jẹ́ o.