ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ LÓRÍ Ẹ̀RỌ ÌFỌṢỌ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń gbé àgbàlá yìí ní Apáta, Ìbàdàn, a kí yín o. Ohun tí a fẹnu kò sí ní ìpàdé nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ ẹ̀yìnkùlé ló wà nínú ìwé yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ.

Ta ló ni ọjọ́ wo

Yàrá 1 ló ni ọjọ́ Ajé, Yàrá 2 Ìṣẹ́gun, Yàrá 3 Ọjọ́rú, Yàrá 4 Ọjọ́bọ̀, Yàrá 5 Ẹtì, Yàrá 6 Àbámẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ kí aago mẹ́fà tó lù: ara ògiri Yàrá 3 ló wà, ọmọ ọwọ́ sì ń sùn níbẹ̀.

Wákàtí iná ni a ó máa kà. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti lo wákàtí kan, wákàtí méjì ṣì wà nílẹ̀ fún yín lọ́jọ́ náà. Bí kò bá dé títí aago mẹ́sàn-án fi lù, ìyókù di ti ọjọ́ Àìkú, láti aago kan ọ̀sán. Ẹni tí iná kọ́kọ́ já kulẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ fọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ torí pé iná kò wá lọ́jọ́ tirẹ̀ kó wá jókòó lé ọjọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹni méjì bá fẹ́ pààrọ̀ ọjọ́, kí àwọn méjèèjì kọ ọ́ sínú ìwé tí a so kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Àdéhùn ẹnu lásán kò sí mọ́. Òun ló dá ìjà oṣù tó kọjá sílẹ̀.

Owó

Igba náírà (₦200) ni fún ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún oṣù. Ẹni tó ń dá gbé tó ń fọ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè máa san iye kan náà pẹ̀lú ilé ọlọ́mọ márùn-ún. Owó náà ni a fi ń ra iná mítà pọ́ǹpù, tí ẹ̀rọ ń lò, a sì ń fi ìyókù pamọ́ fún àtúnṣe. Inú kóló tó wà ní Yàrá 2 ni kí ẹ sọ ọ́ sí, kí ẹ sì fàlà síwájú nọ́ńbà yàrá yín nínú ìwé. Ní ìparí oṣù, a ó ṣí kóló lójú gbogbo wa.

Ìwọ̀n aṣọ

Kílò 7 aṣọ gbígbẹ ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a kò ní òṣùwọ̀n nílé. Garawa lítà 20 ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: aṣọ tó kún un láìkì í mọ́lẹ̀ ni ìfọ̀ kan. Jíǹsì mẹ́rin kò gbọdọ̀ ní ẹnìkejì. Aṣọ gbọ́dọ̀ lè yí po nínú omi. Bí ẹ bá wò ó tó dúró gbagidi tí omi nìkan ń mì, ó ti pọ̀ jù. Ẹ pa á, ẹ yọ díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì yóò máa yọ̀ títí yóò fi já, tàbí kí mọ́tò gbóná títí yóò fi jó.

Kúbùsù onírun, bàtà, fóòmù ìrọ̀rí àti rọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ rárá. Aṣọ òkè àti léèsì olókùúta, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n. Àdìrẹ ẹlẹ́lú ń ṣí, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ohunkóhun. Nápíkìn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ ṣan ìgbẹ́ rẹ̀ dànù nílé ìwẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó

Kí aṣọ tó wọlé, ẹ yẹ gbogbo àpò wò. Owó ẹyọ, ìṣó àti píìnì irun máa ń bọ́ sábẹ́ àwo tó ń yí omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ha ike rẹ̀ títí yóò fi lu. Kọ́mú onírin, ẹ kó o sínú àpò àwọ̀n tàbí kí ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.

Ẹ gbé họ́ọ̀sì ìdàmí kọ́ ara ẹ̀rọ, ẹ pọn omi sí i, kí ẹ sì po ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú pọ̀ mọ́ omi kí aṣọ tó dé. Ìdajì agolo mílíìkì tó fún ìfọ̀ kan. Ọṣẹ tó bá pọ̀ jù kò sọ aṣọ di mímọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìhó rẹ̀ ló ń ru sókè tó ń dà sínú ibi tí mọ́tò wà, ẹ ó sì ṣan aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kúrò. Aṣọ funfun ni kí ó ṣáájú, aláwọ̀ tẹ̀ lé e nínú omi kan náà, dúdú gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún aṣọ ilé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún aṣọ mẹkáníìkì. Ẹ má ṣe yí bọ́tìnì aago padà sẹ́yìn láéláé. Ẹ jẹ́ kó parí fúnra rẹ̀.

Láti da omi, ẹ sọ họ́ọ̀sì sílẹ̀ pátápátá, kó kọjú sí gọ́tà. Bí ó bá ga tàbí tó ká, omi kò ní jáde, kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Omi ìṣan ìkẹyìn, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú garawa fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Apá tó ń fún aṣọ kéré ju apá ìfọ̀ lọ, ìdajì aṣọ ni kí ẹ kó sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tò ó yí ká, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ọmọrí ike kékeré bo orí rẹ̀. Ọmọrí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Láìsí i, aṣọ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n gbàgàgbàgà títí á fi rìn kúrò lójú ibi tó wà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yẹn, ẹ pa á kíá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Bí kò bá yí, ẹ wo ìdérí òkè, kò ní yí bí kò bá pa dé dáadáa. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó dúró jẹ́ẹ́.

Iná

Ojú sítébíláísà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí iná tó ń wọlé kò bá tó 180, ẹ má tan ẹ̀rọ: mọ́tò á kàn máa kùn láìyí, á sì jó. Bí iná bá lọ, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ó bá padà dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò gbé e. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ sálúbàtà.

Aṣọ tí a fi sílẹ̀

Bí ìpín yín bá parí tí aṣọ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹni tó kàn yóò pè yín lórí fóònù tàbí kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó lè kó o sínú báàfù mímọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àwọ̀tẹ́lẹ̀ òun, kó tètè wá kó o. Lórí okùn ìsáṣọ náà, aṣọ tó bá ti gbẹ kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò yìí tí òòrùn ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tú àpò àsẹ́ inú ẹ̀rọ síta, ẹ fọ ìdọ̀tí òwú rẹ̀ dànù, ẹ fi àkísà nu inú, kí ẹ sì ṣí ìdérí sílẹ̀ kó má bàa rùn.

Bí ó bá bàjẹ́

Ẹ má tú u fúnra yín. Ẹ pe Yàrá 2 tàbí Yàrá 6, àwa la ó pe oníṣẹ́. Bẹ́líìtì tó gbó tàbí kàpásítọ̀ tó kú, kóló ni yóò san án. Aṣọ àpọ̀jù tí ojú rí, tàbí ìṣó tí a mọ ẹni tó ni ín, olúwarẹ̀ ni yóò san án. Bí a bá bá owó ẹyọ nínú rẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó ni ín, kóló náà ni. A kò ní fura sí ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ará ìta kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ yìí, yálà ti ẹbí ni o tàbí ti oníbàárà. Àlejò tó sùn mọ́jú nílé yín wà lára ìpín yín.

Yàrá 2 àti Yàrá 6, fún gbogbo ilé