Báàgì yìí máa di tẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, báàgì awọ tẹ́ ẹ ń wò nínú fọ́tò yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ sún fọ́tò yẹn mọ́ra kẹ́ ẹ wo ojú okùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka mi tán níbẹ̀ 😩

Tó o bá fẹ́ ẹ, fọ́lò péèjì yìí, láìkì pósìtì yìí, kó o tágì ọ̀rẹ́ ẹ méjì sínú kọ́mẹ́ǹtì, kó o sọ ohun tó o máa kọ́kọ́ kó sínú báàgì náà. Kọ́mẹ́ǹtì kan péré léèyàn kan ní o, ẹ má sì tágì àwọn gbajúmọ̀ tí ò mọ̀ yín rí, mi ò ní kà á.

Ó parí ní Fráídè 20 oṣù kẹta, aago 9 alẹ́. Kọ́mẹ́ǹtì tó bá wọlé ní 9:01, ó ti pẹ́ nìyẹn.

Sátidé aago 5 ìrọ̀lẹ́, màá ṣe láìfù, màá kọ orúkọ gbogbo yín sínú bébà, màá ká a, màá dà á sínú abọ́, ọmọ mi tí ò tíì mọ̀wé kà lá mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí ò dáhùn láàárín wákàtí 24, a ó mú ẹlòmíì.

Èmi ni màá sanwó ìfiránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gbà á, olè ni, kì í ṣèmi!