Ìjábọ̀ Àyẹ̀wò: Líle Omi Kànga Ẹlẹ́rọ Ilé Ìfọṣọ ní Ewékorò, gẹ́gẹ́ bí Kálísíọ̀mù Kábọ́nétì

Sí: Alábòójútó Yàrá Àyẹ̀wò Omi
Láti ọ̀dọ̀: Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò, ìdí tábìlì taitiréṣọ̀n
Ọjọ́: Ọjọ́rú, ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025

Ẹ kú iṣẹ́, mà.

Omi tí a bù ní kànga ẹlẹ́rọ ilé ìfọṣọ náà ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, ní líle 305 mílígíráàmù nínú lítà kan, tí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí kálísíọ̀mù kábọ́nétì (CaCO₃). Èyí tó ti gba inú ẹ̀rọ tó ń rọ omi kọjá ní 115. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo ti sọ 305 fún oníbàárà lórí fóònù lánàá kí n tó kọ ìwé yìí, ẹ̀bi mi sì nìyẹn, nítorí ó lọ wo ìwé tí a fún un ní oṣù Kẹrin, ó bá 96 níbẹ̀, ó sì ń bi mí léèrè ohun tó sọ omi rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí a kà ní oṣù Kẹrin àti ohun tí a kà báyìí ni kò jọra.

Nítorí pé ìwé yìí yóò dé ọwọ́ oníbàárà, mo ṣàlàyé ju bí ẹ̀yin fúnra yín ti nílò rẹ̀ lọ. Oògùn EDTA tó wà nínú búrẹ́ẹ̀tì ń di mẹ́táàlì mú bí alákàn ṣe ń fi ẹmú há ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́: ẹyọ EDTA kan, ẹyọ kálísíọ̀mù kan tàbí ẹyọ mágínísíọ̀mù kan. Ní pH 10, kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìdí nìyẹn tí a fi nílò òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí a ó ka méjèèjì sí. Alájàpá tó ní sẹ́fà àti náírà lápò, tó wá ṣírò gbogbo rẹ̀ sí náírà, kò sọ pé náírà nìkan ló wà lápò òun. Bákan náà, 305 kò túmọ̀ sí pé a rí 305 mílígíráàmù ẹfun nínú omi náà. Ìwọ̀n mólù kan CaCO₃ sún mọ́ 100 gíráàmù (100.09), ìyẹn ló mú kí ìṣirò rọrùn: mìlílítà kan EDTA 0.01 M dọ́gba pẹ̀lú mílígíráàmù kan CaCO₃.

EDTA tiwa kò pé 0.01 M gan-an. Mo dán an wò pẹ̀lú 25.00 mìlílítà omi kálísíọ̀mù tí mo pò láti inú 1.000 gíráàmù CaCO₃ gbígbẹ nínú lítà kan. Ó gba 25.50, 25.45 àti 25.55 mìlílítà. Lẹ́yìn tí mo yọ 0.10 tí omi àsèdà lásán gbà, ó ku 25.40, èyí tó fi hàn pé mìlílítà EDTA kọ̀ọ̀kan dúró fún 0.9843 mílígíráàmù CaCO₃. Nọ́ńbà yìí ni mo lò nínú gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo da bọ́fà ámóníà tó ń mú pH dúró sí 10 àti EBT, aró tó ń yí àwọ̀ nígbà tí EDTA bá ti di mẹ́táàlì mú tán, sí 50 mìlílítà omi kànga, ó pọ́n bíi sóbò bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kán EDTA sí i, kò di búlúù. Àwọ̀ àlùkò ló dúró sí, ó ń ṣe bí ẹni tí yóò yí, kò yí. Mo gba 14.70 lẹ́ẹ̀kan, mo gba 16.30 lẹ́ẹ̀kejì, láti inú omi kan náà. Mo fi mítà wo pH inú fìláásìkì, ó jẹ́ 9.3. Ìdérí ìgò bọ́fà kò ṣe déédéé, ámóníà sì ti fò lọ kúrò nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo fagi lé nọ́ńbà méjèèjì nínú ìwé iṣẹ́, mo fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì po bọ́fà tuntun: ámóníọ́ọ̀mù kiloráìdì 16.9 gíráàmù nínú 143 mìlílítà ámóníà kíkan, iyọ̀ mágínísíọ̀mù EDTA 1.25 gíráàmù, a sì fi omi àsèdà sọ ọ́ di 250 mìlílítà. Iyọ̀ mágínísíọ̀mù yìí ló ń mú kí EBT yí ketekete, kódà nígbà tí omi kò bá ní mágínísíọ̀mù tó.

Pẹ̀lú bọ́fà tuntun, 50 mìlílítà gba 15.60. Èyí ti kọjá 15 tí ìlànà fẹ́, iṣẹ́ tó bá sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ní pH 10 lè jẹ́ kí ẹfun wó sílẹ̀ nínú fìláásìkì kí EDTA tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bu 25.00 mìlílítà, tí mo fi omi àsèdà sọ ọ́ di 50. Ó gba 7.80, 7.85 àti 7.90, ní ìkán mẹ́ta sí mẹ́rin ìparí, mo dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún láàárín ìkán kan àti èkejì, títí tí pupa tó kù fi pòórá pátápátá. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

(7.85 − 0.10) × 0.9843 × 1000 ÷ 25.00 = 305 mg/L CaCO₃

Mo tún wọn kálísíọ̀mù nìkan. Mo fi sódíọ̀mù háídírọ́kísáìdì gbé pH lọ sí 12.5, níbi tí mágínísíọ̀mù ti kúrò nínú ọ̀ràn, mo sì lo aró múrẹ́kísáìdì dípò EBT. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.05 mìlílítà, tí omi lásán sì jẹ́ 0.05, èyí tó fún wa ní 236 mílígíráàmù gẹ́gẹ́ bí CaCO₃. Èyí tó kù, 69, ni ti mágínísíọ̀mù. Tí a bá dá wọn padà sí orúkọ ara wọn, kálísíọ̀mù jẹ́ 95 mílígíráàmù nínú lítà kan, mágínísíọ̀mù sì jẹ́ 17.

Níbẹ̀ ni àdììtú 96 ti tú. Ohun tí a kọ ní oṣù Kẹrin ni kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀, láìka mágínísíọ̀mù mọ́ ọn, a kò sì kọ «gẹ́gẹ́ bí» kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí a bá fi 2.497 sọ 96 di púpọ̀, yóò di 240, tó súnmọ́ 236 tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Ewékorò, tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún símẹ́ńtì láti ìgbà pípẹ́, kò lè fúnni ní omi rírọ̀, oníbàárà kò sì níláti bẹ̀rù pé ohun kan ya wọ inú kànga rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń rọ omi ló yẹ kó kọ́kọ́ bójú tó. Omi tó jáde nínú rẹ̀ gba 5.95 mìlílítà fún 50, ìyẹn 115, bẹ́ẹ̀ omi tó bá ti inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ jáde kò yẹ kó ju díẹ̀ kékeré lọ. Ó jọ pé iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó, tàbí pé wọn kì í fọ̀ ọ́ lásìkò, ìdí nìyẹn tí ìpẹ́ funfun fi ń lẹ̀ mọ́ inú bọ́ílà wọn. Ní ti mímu, 305 ju 150 tí òṣùwọ̀n Nàìjíríà NIS 554 fi ṣe òpin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé WHO kò fi òpin kankan lé líle omi nítorí ìlera.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ àṣẹ yín láti fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ fún ìjábọ̀ oṣù Kẹrin, kí a kọ kálísíọ̀mù àti líle sí orí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú «gẹ́gẹ́ bí CaCO₃» ní kíkún. Mo ti lẹ ọjọ́ tí a po bọ́fà tuntun mọ́ ara ìgò náà, mo sì ti fi ìdérí mìíràn dé e.