Iṣẹ́ Kíláàsì Lórí Ọrọ̀ Ajé: Ìlà Wo Ló Ṣípò, Ìbéèrè Tàbí Ìpèsè?

Gàrí ni a óò fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé bí ọjà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí lọ́sẹ̀ kan nìyí. Èmi ni mo ṣẹ̀dá àwọn iye náà kí ìṣirò lè rọrùn.

| Owó kóńgò kan | Kóńgò tí wọ́n fẹ́ rà | Kóńgò tí wọ́n fẹ́ tà |
|---|---|---|
| ₦600 | 500 | 100 |
| ₦800 | 400 | 200 |
| ₦1,000 | 300 | 300 |
| ₦1,200 | 200 | 400 |
| ₦1,400 | 100 | 500 |

Bí ó bá jẹ́ owó gàrí fúnra rẹ̀ ni ó yí padà, orí ìlà kan náà ni a óò máa rìn. Ṣùgbọ́n bí ohun mìíràn bá yí padà, ìlà náà gan-an ni yóò ṣípò. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdánù máàkì.

Àpẹẹrẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wọlé láti ìsinmi, ìbéèrè sì fi 200 kóńgò lé sí i ní gbogbo iye owó.

```
₦1,400 | B   .   T   .   P
₦1,200 | .   B   .   X   .
₦1,000 | .   .   O   .   T
  ₦800 | .   P   .   B   .
  ₦600 | P   .   .   .   B
       +------------------
        100 200 300 400 500
```

B ni ìbéèrè àtijọ́, T ni ìbéèrè tuntun, P ni ìpèsè. B àti P pàdé ní O, T àti P sì pàdé ní X.

*Àlàyé:* Ní ₦1,000, àwọn oníbàárà ń fẹ́ 500 kóńgò, 300 péré ni ó sì wà, nítorí náà 200 ni ó dín. Kí ọ̀sán tó pọ́n, abọ́ onígàrí ti ṣófo, àwọn tó ṣì ń wá a sì ṣe tán láti fi owó kún un. Bí owó ti ń gòkè, àwọn kan á dín ohun tí wọ́n ń rà kù, àwọn oníṣòwò á sì kó púpọ̀ sí i wá, títí ọjà yóò fi dúró ní ₦1,200 àti 400 kóńgò.

Ìbéèrè 1. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan fò kọjá ₦500. Epo ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu, òun náà sì ni ọkọ̀ tí ń kó àpò gàrí wọ ìlú ń mu. Padà sí tábìlì òkè, kí o yọ 200 kóńgò kúrò nínú ìpèsè ní gbogbo iye owó láti ₦800 lọ sókè, ya gíráàfù rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí ìlà ìpèsè fi ṣí sí apá òsì.

Ìbéèrè 2. Owó tuntun tí o rí ní Ìbéèrè 1 bá ti àpẹẹrẹ mu. Kí ni ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè wò lọ́jà láti fi mọ ìlà tó ṣípò?

Ìbéèrè 3. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, èló ni kóńgò kan yóò jẹ́, kí sì ni ìdí tí iye kóńgò tí wọ́n tà kò fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́?

Ìdáhùn olùkọ́: (1) ₦1,200 àti 200 kóńgò. (2) Iye kóńgò tí wọ́n tà: 400 ní àpẹẹrẹ, 200 ní Ìbéèrè 1. (3) ₦1,400 àti 300 kóńgò; bí ìbéèrè ṣe fa títà sókè náà ni ìpèsè fà á wálẹ̀.