Ètò fídíò wa fún oṣù Kẹfà 2026: oṣù àgbàdo

Káyọ̀dé, ètò oṣù yìí nìyí. Kà á dé ìsàlẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, torí mo mọ̀ pé fídíò méjì lọ́sẹ̀ lò ń fẹ́. Kò ṣeé ṣe. Fídíò gígùn mẹ́ta la máa gbé jáde: ọjọ́ Àìkú 7, 14 àti 21, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá ti jẹun yó tí wọ́n sì nà gbalaja. Shorts mẹ́ta, fídíò kúkúrú ti YouTube, á bọ́ sáàárín wọn, ní Ọjọ́rú 10, 17 àti 24. Ọjọ́ Àìkú 28 kò ní nǹkan kan.

Wákàtí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ kà. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ń jáde ní Àpáta, agogo márùn-ún ni wọ́n ń tú wa sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, bí ọ̀nà bá sì dáa, mo délé lẹ́yìn agogo mẹ́fà. Kí n tó dáná, kí n tó wẹ̀, kí n tó wo iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Àtìgbà yẹn di agogo mẹ́wàá ni tèmi, alẹ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni mo sì lè lò ó bẹ́ẹ̀: Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan ń gba bíi wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́ mi láti gé àti láti tò. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ ló wọlé síbẹ̀, èkejì á jẹ oorun mi, iṣẹ́ tó ń sanwó ilé kò sì gba ojú tó ń ṣe wìì-wìì lórí nọ́ńbà. Láti Ọjọ́bọ̀ 25 di Ìṣẹ́gun 30, àwa ará ẹ̀ka ìṣirò owó máa ń pa ìwé oṣù dé, wọ́n lè dá wa dúró di agogo mẹ́jọ alẹ́. Má fi ohunkóhun sí àwọn ọjọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ ká kàn pe ara wa.

Shorts tó o fẹ́ràn, mi ò kórìíra rẹ̀. Àmọ́ àwọn 740 ló ń tẹ̀lé wa báyìí. Kí YouTube tó máa pín owó ìpolówó orí fídíò gígùn fún wa, ó fẹ́ kí wọ́n pé 1,000, kí àwọn èèyàn sì ti wo wa fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Wákàtí tí wọ́n fi ń wo Shorts bí wọ́n ṣe ń fi ìka gbá a kọjá kò sí nínú 4,000 yẹn. Torí náà, Shorts wà fún kí wọ́n mọ̀ wá, inú ohun tá a ti yà fún fídíò gígùn la ó sì ti gé e. Ẹnikẹ́ni ò ní tan sítóòfù torí Shorts lóṣù yìí.

Àgbàdo ló gba gbogbo oṣù. Òjò ti dé, àgbàdo tútù ti kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Àpáta lọ, a ò sì ní máa wá èròjà tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àìkú 7 ni àdàlú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta 30 oṣù Karùn-ún la ti yà á, gígé nìkan ló kù, mo sì máa parí rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀ 4. Níbi tí Màmá ti ń sọ pé ẹ̀wà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ kí àgbàdo tútù tó bá a nínú ìkòkò, àti pé ìparí ni iyọ̀, mi ò ní gé ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Shorts Ọjọ́rú 10 ti máa jáde.

Àìkú 14 ni ṣapala. Àbámẹ́ta 6 la máa yà á, a bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, a sì gbọ́dọ̀ parí ní ọ̀sán nítorí mo ní ìnáwó ní Mọ́níyà. Àgbàdo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré jù: èyí tó ti ń le, àmọ́ tí èékánná ṣì wọlé sí, tí omi funfun ṣì ń jáde lára rẹ̀. Èyí tó kéré jù kì í dì. Èmi ni màá rà á ní Ẹtì 5 bí mo bá ń ti ọ́fíìsì bọ̀, àmọ́ a ò ní bó o, a ò sì ní lọ̀ ọ́ títí di àárọ̀ Àbámẹ́ta, torí bó bá sùn mọ́jú lẹ́yìn lílọ̀, adùn rẹ̀ ti lọ. Tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, edé, epo pupa àti iyọ̀ ló bá a lọ. Ìwọ ya ọwọ́ Màmá nígbà tí wọ́n bá ń pọ́n ọn sínú ewé eéran. Sún mọ́ ọn dáadáa: bí wọ́n ṣe ń ká ewé bí àrọ, tí wọ́n ń da èyí tí wọ́n pò sí i, tí wọ́n sì ń ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sábẹ́. Ìyẹn ni àwọn èèyàn ń béèrè lábẹ́ fídíò wa jù. Fi fóònù kejì dúró lóròó kó o ya ibẹ̀ nìkan, òun ni Shorts Ọjọ́rú 17.

Ọ̀sẹ̀ ògì ni mo ronú lé jù lórí, torí ògì kì í dúró de ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Àgbàdo gbígbẹ ni, ó ní láti wà nínú omi bí ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Bá a bá rẹ ẹ́ lálẹ́ Àìkú, Ọjọ́rú ni yóò pé lílọ̀, èmi á sì wà ní Dùgbẹ̀. Ẹtì 12 ló yọ wá: ọlidé ni, Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, tí ìjọba gbé wá sí ọjọ́ ìdìbò 1993 tí MKO Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Bó ṣe máa lọ nìyí.

Alẹ́ Ìṣẹ́gun 9, agogo mẹ́sàn-án: mo ṣa àgbàdo funfun ní ìwọ̀n kóńgò méjì, mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ike. Màá fi fóònù mi ya ìṣẹ́jú méjì, ohùn ò pọn dandan. Alẹ́ Ọjọ́rú àti ti Ọjọ́bọ̀: mo pààrọ̀ omi, mo ya ìṣẹ́jú kan kọ̀ọ̀kan. Láti igun kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lábẹ́ gílóòbù kan náà, kí wọ́n lè rí i bí omi ṣe ń yí padà tó sì ń hó. Àárọ̀ Ẹtì 12, agogo méje ààbọ̀: a gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta tó wà lẹ́yìn ilé. Bàbá náà ti ní kò burú, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí ojú wọn hàn. Ọwọ́ wọn àti ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni ká yà. Díísù ni wọ́n fi ń lọta, NEPA ò lè dí wa lọ́wọ́. Jẹ́ kí ariwo ẹ̀rọ náà wà nínú fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, má fi orin ẹnikẹ́ni bò ó. Mi ò fẹ́ kí olórin kan gba owó fídíò tí a ṣe.

Agogo mẹ́wàá, a sẹ́ ẹ. Aṣọ funfun tí a dè mọ́ ẹnu ike ni ká lò. Níbí ni mo fẹ́ kí kámẹ́rà dúró sí lókè gan-an: omi funfun tó ń kán sísàlẹ̀, eèrí tó ń kù lórí aṣọ, ọwọ́ Màmá tó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa fi ògì ṣòfò. Màmá fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, má dá wọn dúró láti ní kí wọ́n tún un sọ. Ohun tí wọ́n bá tún sọ kì í dùn mọ́. A ó fi í sílẹ̀ kó tòrò mọ́jú. Àárọ̀ Àbámẹ́ta 13, a da omi orí rẹ̀, a ro ògì, a pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé, ó parí kí agogo méjìlá tó lù.

Ọjọ́ méjì yẹn máa bí fídíò méjì. Láti àgbàdo dé ògì ni Àìkú 21. Ti ẹ̀kọ, mi ò ní gbé e jáde lóṣù yìí, bó o tilẹ̀ bẹ̀ mí. Àbámẹ́ta 20 ni màá gé e, ó máa wà nínú àpò títí di Àìkú 5 oṣù Keje, kí n lè fi ọkàn kan pa ìwé oṣù dé lọ́fíìsì. Shorts Ọjọ́rú 24 ni sísẹ́ ògì. Orúkọ fáìlì kó má yàtọ̀: `0612_ogi_01`, `0612_ogi_02`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má tún fi „fídíò tuntun gan-an“ pe fáìlì mọ́, mo bẹ̀ ọ́.

Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ tá a fẹ́ yà, páànù òrùlé ilé ìdáná yẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn wa. Ká má dúró dè é. Ká ya ọwọ́ àti ìkòkò nìkan, tó bá di alẹ́ màá wọ yàrá, máa ti ilẹ̀kùn, máa ka àlàyé sínú fóònù láàárín aṣọ inú wọ́dúróòbù. Tí iṣẹ́ bá pè mí lójijì ní Àbámẹ́ta 6, ṣapala yóò bọ́ sí oṣù Keje, fídíò ìpamọ́ tá a yà ní oṣù Kẹrin, níbi tí Màmá ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣa ewé, á gba Àìkú 14. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, ó ti pé. Bí nǹkan bá ṣì há, Shorts la máa kọ́kọ́ yọ. Agogo mọ́kànlá alẹ́ kò gbọdọ̀ bá mi lójúfò nítorí YouTube, fídíò ì báà kù díẹ̀.

Gbígbé sókè: alẹ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú dátà mi, nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kì í ṣe tiwa. Màá gbé e sí Schedule, kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni títí agogo mẹ́rin Àìkú. Torí náà bó o bá wò ó ní àárọ̀ Àìkú tó o ò rí i, má pè mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ ló ni àwòrán ojú fídíò, 1280 x 720, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lórí rẹ̀, kó sì dé ọwọ́ mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èsì àwọn èèyàn lábẹ́ fídíò, èmi ni màá máa dá wọn lóhùn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ìwọ máa bá mi ṣe ti ìrọ̀lẹ́ Àìkú.

Owó: ₦40,000 ni mo yọ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù, òun ni èròjà, dátà, ewé, owó ìlọta àti owó ọkọ̀ rẹ. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Oúnjẹ tá a bá sè, ilé la ti máa jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ kí Ọjọ́rú 3 tó dé: ṣé wàá sùn sílé wa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ 11? Láti Ìwó Ròòdù, o ò lè dé ọ̀dọ̀ alọta ní agogo méje ààbọ̀, bàbá yẹn kì í sì í dúró de ẹnì kan. Tó ò bá lè wá, sọ fún mi ní kíákíá kí n lè bẹ ọmọ Ìyá Ìbejì kó bá wa di fóònù mú. Kó o sì mú okùn ṣájà gígùn yẹn dání.